Ibì kan péré ni attached, received, definitely àti separate ti ń bàjẹ́

*Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ímeèlì ni mò ń kọ lọ́fíìsì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Attatched, recieved, definately, seperate: gbogbo ìgbà ni mo ń ṣì wọ́n kọ, wọ́n sì ti bá mi wí lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á fa ìlà pupa sí wọn, nígbà mìíràn kò ní sọ nǹkan kan. Kí ló fà á, kí sì ni kí n ṣe tí n kò fi ní máa ṣì wọ́n kọ mọ́?*

Etí yín ló ń tàn yín jẹ. Yorùbá tí à ń kọ, bí a bá ṣe pè é la ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà ó ti mọ́ wa lára láti fi etí wá lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú ìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ibì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni etí kò ti lè ran ọwọ́ lọ́wọ́. Ìyókù kò ní wàhálà. Kò sẹ́ni tó ń ṣi s tàbí p inú separate kọ. Ẹ má wulẹ̀ há gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí. Ojú ibi tó ń bàjẹ́ yẹn ni kí ẹ dá mọ̀, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, èyí tí lẹ́tà tó ń fa ìjọ̀ngbọ̀n náà ti ń dún ketekete nínú rẹ̀. Ìbátan yẹn ni yóò máa ṣe ẹlẹ́rìí fún yín nígbà tí iyèméjì bá dé.

Ẹ jẹ́ ká fi definitely bẹ̀rẹ̀, torí òun ló fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí hàn jù. Bí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì bá ń pè é, def ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́, wọ́n á sì sáré kọjá lórí ìyókù. Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé n kì í dún bí a, kì í dún bí e, kì í sì í dún bí i. Ó kàn dà bí èémí kékeré tó bọ́ lẹ́nu ni. Àmì tí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi hàn án ni ə, e tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí àmì yìí níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé etí kò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, nítorí fáwẹ̀lì èyíkéyìí ló lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí etí kò bá wá sọ nǹkan kan, ọwọ́ á lọ yá lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀: immediately, accurately, appropriately, separately. -ately ni gbogbo wọn parí sí, wọ́n sì pọ̀ nínú lẹ́tà ọ́fíìsì. Bí definately ṣe ń wáyé nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí tí yóò bá yín tú u ni definition. Ẹ pè é sókè: bí ẹ bá dé àárín, ohùn dúró digbí lórí i kejì, kò sì ṣeé pè ní a. Bí definition bá ti jẹ́ i, definite náà i ni, definitely náà i ni. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, finite ló wà nínú rẹ̀, láti inú finis, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí òpin, èyí tó tún wà nínú final àti finish. De, finite, ly: ẹ kàn to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìyọ ohunkóhun kúrò, títí kan e tó kẹ́yìn finite. Láti ìbẹ̀rẹ̀ definitely dé òpin rẹ̀, kò sí a kankan. Ìyẹn nìkan tó láti mú ẹni tó kọ definately dúró.

Irú ìṣòro kan náà ló wà nínú separate, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tirẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìpè méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ìgbà tí a ní kí ènìyàn ya nǹkan sọ́tọ̀, ìparí rẹ̀ máa ń dún bí rate. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe, bí ìgbà tí a sọ pé ìwé owó náà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìparí rẹ̀ á rọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì gbé fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé p mì pátápátá, tí yóò fi dún bí seprit. Nínú ìpè méjèèjì, a àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tó wà láàárín p àti r, kì í gbé orí sókè. Separation pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́, torí a kejì ni ohùn ń tẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Inú Látìn ni ẹ̀rí ti wá. Parare ni pé kí ènìyàn pèsè nǹkan. Separare ni pé kó pèsè é sọ́tọ̀. Parare yìí kan náà ló bí prepare, ohùn sì tẹ̀ mọ́ par nínú prepare, ẹ ó gbọ́ a rẹ̀ kedere. Ẹ ò lè kọ prepere láé. Nítorí náà, par ló wà nínú prepare, par ló wà nínú separate.

Ẹni tí Látìn ò bá wọ̀ létí, kó wo bí àwọn fáwẹ̀lì ṣe tò. Separate: e, a, a, e. E méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, a méjì jókòó sínú ilé. Definite náà rí bẹ́ẹ̀: e, i, i, e. Ìlẹ̀kùn kan náà, àlejò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní tèmi, ọ̀nà yìí yá ju Látìn lọ nígbà tí ọwọ́ bá ti ń sáré lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀fìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ separate tí mo gbọ́dọ̀ fi hàn yín, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ separate kọ ló máa ń jìn sí i. Yóò rí desperate, yóò ní ìyẹn náà gbọ́dọ̀ ní par, ni yóò bá kọ desparate. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Sperare, ìyẹn ìrètí, ni gbòǹgbò desperate. E ló wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kan received. Ìṣòro ti ibí yìí yàtọ̀, torí fáwẹ̀lì ibẹ̀ kì í ṣe èyí tó rọ. Ó ń dún dáadáa, ó sì gùn. Wàhálà rẹ̀ ni pé ie àti ei lè dún bákan náà. Believe àti receive, ẹ pè wọ́n, ìró kan náà lẹ ó gbọ́ ní ìparí méjèèjì. Believe, achieve, relieve àti retrieve ń lo ie. Receive, deceive, perceive àti conceive ń lo ei. Ohun tó pààlà sí wọn ni c: níbi tí c bá wà ṣáájú, e ló ń tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìí wọn sì dúró gbọn-in. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá receive tan ni reception, ti deceive ni deception, ti perceive ni perception, ti conceive ni conception. Nínú gbogbo wọn, ohùn tẹ̀ mọ́ cep, e sì dún ketekete lẹ́yìn c. Bí ẹ bá ti kọ rec, tí ọwọ́ dúró, ẹ sọ reception lábẹ́nu. Lẹ́tà tó kàn ni e. Reception yìí kan náà ló ń dáhùn ìdí tí p fi wà nínú receipt tí a kì í pè é: p inú rẹ̀ ni p inú reception, ó wà níbẹ̀ nítorí gbòǹgbò Látìn.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ́ yín níléèwé pé i máa ń ṣáájú e, àfi lẹ́yìn c. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ibi tí lẹ́tà méjèèjì bá para pọ̀ dún bí i gígùn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Efficient, sufficient, ancient àti science kò sí lábẹ́ rẹ̀, torí ìró inú wọn kì í ṣe i gígùn, cie ni wọ́n sì ń lò láìsí ẹ̀bi. Species wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì rú u. Seize náà rú u láti ọ̀nà kejì, kò ní c, síbẹ̀ ei ló ní. Ẹni tó bá gbé òfin náà lérí ju bó ṣe yẹ lọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ efficeint. Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ mú un mọ́ ìdílé -ceive àti receipt, ó tán.

Attached ló kẹ́yìn, òun nìkan ni ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ ju ti etí lọ. Bí fáwẹ̀lì kúkúrú bá ṣáájú ìró ch ní ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tch ni wọ́n sábà máa ń kọ: catch, match, batch, watch, dispatch. Attach dún bíi wọn gẹ́lẹ́, ọwọ́ tó ti mọ tch lára á wá fi t kún un. Ṣùgbọ́n attach kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré, ẹ sì ti mọ̀ wọ́n: rich, much, such, which. Ẹ ò jẹ́ kọ mutch. Detach náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, òun sì ni ẹlẹ́rìí wa. At-tach ni pé kí a so nǹkan mọ́ nǹkan, de-tach ni pé kí a tú u kúrò. Ẹ yọ at, ẹ yọ de, tach ló kù nínú méjèèjì, kò sì sí t kankan láàárín a àti c rẹ̀. T méjì ló wà nínú attached. Ìbejì ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, wọn kì í yà. Bí ẹ bá ti rí t kẹta, ó ti bàjẹ́.

Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni dispatched, torí inú lẹ́tà kan náà ni òun àti attached sábà máa ń wà. A ti fi ẹrù ránṣẹ́, ìwé rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí: dispatched, lẹ́yìn náà attached. Èyí àkọ́kọ́ ní t ṣáájú ch lọ́nà tó tọ́, ọwọ́ kò sì tíì gbàgbé rẹ̀ nígbà tó dé orí èkejì. Bí ẹ bá ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ attached ní ègé mẹ́ta, at, tach, ed, kí ẹ sinmi díẹ̀ láàárín wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọwọ́ á ti gbà á.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Bírítéènì lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà kọ wọ́n.

Ẹ wá béèrè ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń mú wọn lónìí, tí kò mú wọn lọ́la. Ní ọdún 1964, Frederick Damerau gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè tún sípẹ́lì ṣe. Ó rí i pé ó ju ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àṣìṣe sípẹ́lì lọ tó jẹ́ pé ẹyọ àṣìṣe kan péré ni: lẹ́tà kan ṣì, lẹ́tà kan lé, lẹ́tà kan dín, tàbí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbapò ara wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yín. Seperate, lẹ́tà kan ló ṣì. Definately, lẹ́tà kan ló ṣì. Attatched, lẹ́tà kan ló lé. Recieved, lẹ́tà méjì ló gbapò ara wọn. Gbogbo wọn jẹ́ ẹyọ àṣìṣe kan, wọn kò ṣòro fún kọ̀ǹpútà rárá. Bí kò bá mú wọn, a jẹ́ pé nǹkan kan ń dí i lójú.

Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà kan ṣe àyẹ̀wò. Fáìlì tó bá a lọ ń jẹ́ `Seperate_invoices.pdf`.

```
SEPERATE INVOICES

Good morning,
I recieved your message. The goods were
dispatched on Monday. Please find attatched
the seperate invoices. I will defiantly send
the balance on Friday.
```

Àṣìṣe mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i báyìí lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kọ ọ́ tán, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ètò rẹ̀, ìlà pupa mẹ́ta lẹ máa rí: lábẹ́ recieved, attatched àti seperate tí a fi lẹ́tà kékeré kọ. Mẹ́ta tó kù á yọ́ lọ, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbà yọ́ lọ yàtọ̀.

Àkọlé tó wà lókè yọ nítorí pé lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Word àti Outlook máa ń fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ìkékúrú orúkọ ni. Ohun tó ń mú un fò wà ní `File > Options > Proofing` nínú Word, ó sì wà ní `File > Options > Mail > Spelling and Autocorrect` nínú Outlook ti orí kọ̀ǹpútà tó ní àkójọ `File` lókè. Ẹ wá `Ignore words in UPPERCASE`, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn ìkékúrú orúkọ á máa gba ìlà pupa lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò burú tó àkọlé tí ó bàjẹ́ gàdàgbà lókè lẹ́tà.

Defiantly ló gba ìlànà tó gùn jù. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sí nǹkan tó ṣe sípẹ́lì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà pupa kò fi sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn ṣe nǹkan pẹ̀lú oríkunkun. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé òun á fi oríkunkun fi ìyókù ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Báwo ló ṣe débẹ̀? Definately súnmọ́ definitely, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, kọ̀ǹpútà á sì tún un ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá sáré, tí e já, ó di definatly. Ẹ kà á wàyí. Kó tó di definitely, a ó yí a padà sí i, a ó sì dá e padà: ìgbésẹ̀ méjì. Kó tó di defiantly, n àti a kàn máa gbapò ara wọn ni: ìgbésẹ̀ kan. Definantly tún burú jù bẹ́ẹ̀: yíyọ n kan ló máa sọ ọ́ di defiantly, nígbà tó máa gba ìgbésẹ̀ mẹ́ta kó tó di definitely. Òótọ́ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà òde òní tún máa ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ́pọ̀ sí àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ defiantly ṣì máa ń yọjú sókè àwọn àbá tó ń mú wá, ẹni tó ń kánjú á sì tẹ̀ ẹ́.

Oògùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Ìkíní, nínú Word, ẹ lọ sí `File > Options > Proofing > AutoCorrect Options`. Ní `Replace` ẹ kọ definatly, ní `With` ẹ kọ definitely, kí ẹ tẹ `Add`. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún definantly àti defiantely pẹ̀lú. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà ò ní ronú mọ́ lórí wọn, ó kàn máa pààrọ̀ wọn ni. Ìkejì, ẹ lè ní kí Word àti Outlook máa fa ìlà pupa sí defiantly bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Lórí Windows, ẹ ti Word àti Outlook, ẹ ṣí fódà yìí, kí ẹ sì fi Notepad ṣí fáìlì tó wà nínú rẹ̀:

```
%AppData%\Microsoft\UProof
ExcludeDictionaryEN0409.lex
```

0409 ni ti Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ ti Bírítéènì lẹ̀ ń lò, 0809 lẹ máa rí. Ẹ kọ defiantly sí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, ẹ tẹ Enter, ẹ fi pamọ́, kí ẹ tún ṣí Word. Ta ló tilẹ̀ ń fi oríkunkun ṣe nǹkan nínú lẹ́tà ọ́fíìsì? Bí ìlà pupa bá sì jáde níbi tí ẹ ti ní i lọ́kàn lóòótọ́, ẹ fojú fò ó.

Ìdí kan tún wà tí kò sí nínú lẹ́tà òkè yìí, mo sì fura sí i jù nínú ọ̀rọ̀ tiyín, torí ẹ ní nígbà mìíràn ìlà pupa kì í jáde rárá. Ẹ ṣí lẹ́tà òfìfo, ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ recieved, ẹ fi àlàfo sílẹ̀. Bí AutoCorrect bá sọ ọ́ di received fúnra rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+Z kí recieved lè padà. Kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá, bíi xqzt, kí ẹ sì tún fi àlàfo sílẹ̀. Bí ìlà pupa bá wà lábẹ́ méjèèjì, ara ẹ̀rọ yín dá. Bí kò bá sí lábẹ́ ìkankan, wọ́n ti pa àyẹ̀wò sípẹ́lì náà, tàbí èdè mìíràn ni wọ́n yàn fún ìwé náà. Nínú Word, `Review > Language > Set Proofing Language` ni ẹ ó ti tún un ṣe, kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú `Do not check spelling or grammar`. Ṣùgbọ́n bí xqzt bá gba ìlà pupa, tí recieved kò gbà á, a jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan fẹ́ kí ìlà pupa náà kúrò níwájú òun, ó sì tẹ `Add to Dictionary`. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni recieved. Ẹ lọ sí `File > Options > Proofing > Custom Dictionaries`, ẹ tẹ `Edit Word List`, ẹ wá a rí, kí ẹ sì pa á rẹ́. Chrome ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ èyí síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí:

```
chrome://settings/editDictionary
```

Kíbọ́ọ̀dù fóònù náà ń kọ́ àṣà lára ẹni tó ni ín. Bí Gboard bá ń gbé seperate wá fún yín bí àbá, ẹ tẹ àbá náà mọ́lẹ̀ pẹ́, ibi ìdalẹ̀ á yọ lójú fóònù, kí ẹ fà á sínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwé tó ti wà nílẹ̀ lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, àwọn lẹ́tà tí ọ́fíìsì ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ kàn ń pààrọ̀ orúkọ inú wọn, kíkà kò tó. Ojú máa ń ka ohun tó mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ègé tó bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ máa wá. Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ wá àwọn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
tatch
ciev
seper
defina
```

Tatch á mú attatched àti attatchment, kò sì ní yọ dispatched lẹ́nu, torí patch ló wà níbẹ̀. Ciev á mú recieve, percieve àti decieve papọ̀. Ẹ má kọ cie nìkan, ìyẹn á kó efficient àti science wá fún yín lásán. Seper kò sí nínú ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kankan tó tọ́. Defina á mú definately, definatly àti definantly. Definable àti àwọn ìbátan rẹ̀ bíi indefinable nìkan ni ọ̀rọ̀ rere tó lè bá wọn wá. Ẹ fi defiantly ṣe ìkarùn-ún. Ẹ má gbàgbé lẹ́tà tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá sí níṣẹ́, torí we have recieved your message fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìsí pé ẹni tó kọ ọ́ rí i, nítorí kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀.

Ó ku orúkọ fáìlì, àṣìṣe kẹfà. Kò sí ìlà pupa níbi tí a ti ń sọ fáìlì lórúkọ, nítorí náà ojú yín nìkan ló wà fún un. Ó sì ń fa ìnira ju ìtìjú lọ: ẹni tó bá wá separate nínú fódà kò ní rí `Seperate_invoices.pdf`, yóò sì rò pé ẹ kò fi í ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ fáìlì Excel ni, ẹ má kàn yí orúkọ rẹ̀ padà kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá fáìlì mìíràn wà tó ń fa iye inú rẹ̀ lò, torí orúkọ àtijọ́ ni ìyẹn á ṣì máa wá kiri. Bó bá wà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí orúkọ náà padà, ẹ ṣí fáìlì kejì yẹn, ẹ lọ sí `Data > Edit Links`, èyí tí àwọn Excel tuntun ń pè ní `Workbook Links`, ẹ tẹ `Change Source`, kí ẹ sì fi fáìlì tó ti gba orúkọ tuntun hàn án. Bó bá jẹ́ orúkọ ojú-ewé inú fáìlì kan náà ló ṣì, Excel fúnra rẹ̀ á tún fọ́múlà tó ń tọ́ka sí i ṣe bí ẹ bá ti yí i padà, àfi ibi tí ẹnì kan bá ti lo `INDIRECT`. Ìyẹn kì í gbọ́ pé orúkọ ti yí padà. `#REF!` ló máa gbé jáde, ẹ ó sì fọwọ́ ara yín tún seperate tó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.